Ìdáhùn Mẹ́rin, Òótọ́ Kan Ṣoṣo

Ẹni tí ó bá mọ iṣu rà kì í na ọwọ́ mú èyí tí ó bá kọ́kọ́ kan ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá to mẹ́rin sílẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò gbé ọ̀kan, yóò tẹ orí rẹ̀, yóò sì ní: "Èyí ti ń rà." Yóò gbé èkejì, yóò rí ibi tí ọkọ́ ti bù ú jẹ, yóò fi í sílẹ̀. Yóò gbé ẹ̀kẹta, yóò wò ó pé ó fúyẹ́ ju bí ó ti tóbi lọ. Nígbà tí yóò bá fi san owó, kì í ṣe pé iṣu tí ó mú wù ú nìkan ni, ó tún mọ ohun tí ó ṣe àwọn mẹ́ta tí ó kọ̀.

Ọgbọ́n yìí gan-an ni ìdánwò ọ̀bújẹ́tíìfù ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, òun náà sì ni a kì í sábà kọ́ wọn. Ní Ìtòrì, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ewékorò, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bí ìdánwò JAMB àti ti WAEC bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé ìbéèrè àtijọ́ a di ohun tí gbogbo ilé ń wá kiri. Àwọn òbí a rà á, àwọn olóṣèlú a tẹ̀ ẹ́, wọn a sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àwòrán ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Àwa kò bá ìwé náà jà. Ohun tí a ń bá jà ni bí a ti ń lò ó: olùkọ́ a ka ìbéèrè, a pe lẹ́tà ìdáhùn, àwọn ọmọ a fàlà sí i, wọn a sì kọjá sí òmíràn. Ẹni tí ó bá ka ọgọ́rùn-ún ìbéèrè lọ́nà báyìí ti há ọgọ́rùn-ún lẹ́tà sórí ni. Kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ kankan.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹni tí ń ṣe ìdánwò ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìdáhùn mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ ìbéèrè, ọ̀kan ni òótọ́. Mẹ́ta ìyókù ni àwa yóò máa pè ní ìdáhùn ẹ̀tàn. Olùṣètò ìdánwò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kàn ṣa nọ́ńbà mẹ́ta láti inú afẹ́fẹ́, nítorí ìdáhùn tí kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ kò wúlò fún un. Ó ń wo àṣìṣe tí àwọn ọmọ máa ń ṣe, a sì fi èso àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ dè wọ́n. Nítorí náà, ìdáhùn ẹ̀tàn kọ̀ọ̀kan ní bàbá tirẹ̀, àṣìṣe kan pàtó ni bàbá náà. Ọmọ tí ó bá lè dárúkọ bàbá ìdáhùn ẹ̀tàn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ẹ̀yìnkùlé wa. Ní Ewékorò, níbi tí kò jìnnà sí Ìtòrì, ilé iṣẹ́ ti ń fi òkúta ẹfun ṣe sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960. Kò sí ọmọ agbègbè yìí tí kò mọ òkúta náà. Àwa fúnra wa ṣe ìbéèrè kan lórí rẹ̀, ní irú ọ̀nà tí ìdánwò Kẹ́mísírì fi ń béèrè:

Wọ́n sun 50 gíráàmù òkúta ẹfun tí kò ní àbùlà, CaCO₃, títí gbogbo rẹ̀ fi di CaO. Gíráàmù mélòó ni CaO tí ó kù? (Ca = 40, C = 12, O = 16.) A: 22. B: 28. C: 50. D: 56.

Ọmọ tí a ti kọ́ ní lẹ́tà nìkan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rántí bóyá ó ti rí i rí. Ọmọ tí a kọ́ ní ìrònú yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: kí ni iná ń ṣe sí òkúta yìí? Iná ń lé afẹ́fẹ́ kan, CO₂, jáde kúrò nínú rẹ̀. Bí ohun kan bá jáde kúrò nínú ẹrù, ẹrù náà gbọ́dọ̀ fúyẹ́ sí i. Nítorí náà, ohun tí ó kù kò lè tó 50 gíráàmù, áńbọ̀sì kí ó jù ú lọ. Ìdáhùn C ti lọ, ìdáhùn D ti lọ, ọmọ náà kò sì tíì fi kálámù kan ìwé.

Kí ó má dúró níbẹ̀, kí ó wá bàbá wọn. Bàbá C ni èrò pé òkúta náà kàn yí orúkọ padà ni, pé kò sí ohun tí ó jáde lára rẹ̀. Bàbá D ni ìkánjú: ọmọ kan ti ro 40 pọ̀ mọ́ 16, ó rí 56, ó sì rí 56 nísàlẹ̀ ìbéèrè, inú rẹ̀ dùn, ó mú un. Ó gbàgbé pé 100 gíráàmù òkúta ni ó ń fúnni ní 56, kì í ṣe 50. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni irú ayọ̀ báyìí ti pa. Pé nọ́ńbà tí o rí wà lára àwọn ìdáhùn kì í ṣe ẹ̀rí pé o ti ṣe é tán.

Ó ku A àti B. Bí ọmọ náà bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò rí i pé CaCO₃ jẹ́ 40 àti 12 àti ìlọ́po mẹ́ta 16, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 100. CaO jẹ́ 56, CO₂ jẹ́ 44. CaO ju ìdajì òkúta náà lọ, ìdajì 50 sì ni 25. Nítorí náà, ìdáhùn gbọ́dọ̀ ju 25 lọ, 22 kò lè dúró. B ni ó ṣẹ́kù. Nígbà náà ni kí ó wá fi ìṣirò kádìí rẹ̀: ìdajì 56 ni 28. Bàbá A náà sì fara hàn, nítorí ìdajì 44 ni 22. Ọmọ tí ó mú A mọ ìṣirò náà dáadáa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó sá lọ ni ó wọ̀n, kì í ṣe ohun tí ó kù nínú iná. Ẹ sì wò ó: 28 pẹ̀lú 22 jẹ́ 50, iye tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí tí ó dájú nìyẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a bi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ọmọ náà gbé kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ fi èyí wé olùkọ́ tí ó kàn pariwo pé: "Nọ́ńbà kejìdínlógún, B!"

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wí pé Kẹ́mísírì rọrùn láti rò nítorí pé nọ́ńbà ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kọ́ ìjọba, èyí tí àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú yóò mọ̀ dunjú. Ọdún wo ni Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba tàbí ọbabìnrin lórí mọ́, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní rìpọ́bílíìkì? A: 1960. B: 1963. C: 1966. D: 1979. Kò sí ọdún kan níbẹ̀ tí kò ní ìtàn tirẹ̀. Ọdún 1960 ni òmìnira dé. Ọdún 1966 ni àwọn ológun gba ìjọba. Ọdún 1979 ni ìjọba alágbádá kejì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ìjọba 1979 ni a ń pè ní Rìpọ́bílíìkì Kejì yóò yọ D, nítorí èkejì kò lè wà bí èkínní kò bá tíì kọjá. Bí ó bá sì mọ̀ pé Rìpọ́bílíìkì Èkínní ni àwọn ológun bì ṣubú ní 1966, yóò rí i pé ó ti wà kí ọdún náà tó dé, yóò sì yọ C.

Nísinsìnyí, ó ku 1960 àti 1963. Níbí ni ìrònú nìkan kò tó mọ́. Ọmọ náà ní láti mọ̀ pé lẹ́yìn òmìnira, Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè, àti pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1963 ni Ọ̀mọ̀wé Nnamdi Azikiwe kúrò ní ipò gómìnà àgbà tí ó wà, tí ó sì di ààrẹ. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò dúró sí oríta méjì. Àwa fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ fi ojú sí ibí yìí dáadáa, nítorí àwọn kan ń tan àwọn ọmọ wa jẹ pé yíyọ ìdáhùn jẹ́ idán tí ó lè rọ́pò ìwé kíkà. Irọ́ ni. Ìmọ̀ ni a fi ń yọ ìdáhùn. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kò ní ohun tí yóò fi yọ ọ̀kankan. Àwọn tí ń sọ pé kí ọmọ máa mú C nígbàkigbà tí ó bá dàrú mọ́ ọn lójú, tàbí kí ó máa mú èyí tí ó gùn jù, tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Kí ni èrè ọgbọ́n yìí? Nínú ìdánwò JAMB, ìbéèrè 60 ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 sì ni ti ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì ni wọ́n sì fún wọn. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ọmọ kan mọ 20 dájú nínú 40 ti Kẹ́mísírì. Bí ó bá fi ojú dídì mú ìdáhùn 20 tí ó kù, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni yóò máa bọ́ sí i. Èyí yóò jẹ́ bíi 5, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 25. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ rẹ̀ bá tó láti yọ ìdáhùn ẹ̀tàn méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú méjì ni yóò máa bọ́ sí i. Èyí yóò jẹ́ bíi 10, àpapọ̀ yóò sì di 30. A kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo ọmọ ní gbogbo ìgbà, nítorí ọ̀ràn ìbọ́sí ni: ó lè dín díẹ̀, ó sì lè lé díẹ̀. Síbẹ̀, máàkì 5 nínú 40 kì í ṣe ohun kékeré níwájú ẹnu ọ̀nà yunifásítì.

Ewu kan wà nínú rẹ̀, àwọn díẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ ọ́. Bí ọmọ bá fi ìrònú tí kò tọ́ yọ ìdáhùn, ó lè jẹ́ òótọ́ gan-an ni yóò jù nù. Ní ìgbà náà, kò sí oríire tí ó lè gbà á mọ́. Ẹni tí ó di ojú mú ṣì ní ìrètí ọ̀kan nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ju òótọ́ nù kò ní nǹkan kan. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀? Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Nígbà tí ọmọ bá ń fi ìbéèrè àtijọ́ dánra wò, kí ó kọ àmì kan sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan: àmì kan fún "mo mọ̀ ọ́n dájú," òmíràn fún "mo yọ méjì," òmíràn fún "n kò mọ nǹkan kan." Nígbà tí a bá máàkì tán, kí a ka àwọn tí ó yọ méjì nínú wọn lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 20, ó yẹ kí ó rí bíi 10 gbà. Bí ó bá jẹ́ 3 tàbí 4 péré ni ó gbà, ìrònú tí ó fi ń yọ wọ́n ti wọ́, ibẹ̀ sì ni olùkọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé èyí tí ó pè ní "mo mọ̀ ọ́n dájú" ni ó ń kùnà, ọ̀ràn náà ju ti ìdánwò lọ. Ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni ó gbà gbọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fa gbòǹgbò rẹ̀ tu.

Ìdí nìyí tí àwa fi ń rọ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n dín iye ìbéèrè kù, kí wọ́n sì fi kún àkókò tí wọ́n ń lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ ìbéèrè sára pátákó láìkọ ìdáhùn sí i. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ṣe é fúnra wọn. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, kí wọ́n sì pe ọmọ mẹ́ta dìde láti sọ bàbá ìdáhùn ẹ̀tàn mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n mú ìbéèrè kan náà padà, kí wọ́n sì pa ipò àwọn ìdáhùn dà. Ọmọ tí ó bá ṣì ń pariwo "B" nígbà tí 28 ti lọ sí ipò D ti sọ ara rẹ̀ di mímọ̀.

Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọmọ lọ sílé láìmọ èyí tí ó tọ́. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Marsh, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi hàn pé ẹni tí ó ṣe irú ìdánwò yìí a máa rántí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó tún lè gbé díẹ̀ nínú àwọn ìdáhùn ẹ̀tàn lọ, kí ó sì máa fi wọ́n dáhùn lọ́jọ́ iwájú bí ẹni pé òótọ́ ni wọ́n. Àtúnṣe ojú ẹsẹ̀ ni ó ń dín ewu yìí kù. Ẹ̀wẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ gba ìdáhùn tí ó wà lẹ́yìn ìwé ìbéèrè àtijọ́ bí ọ̀rọ̀ Ifá. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ lè ṣìṣe. Bí ìwé bá ní A ni ìdáhùn ìbéèrè òkúta ẹfun wa, 28 àti 22 tí ó jẹ́ 50 yóò ta kò ó. Ọmọ tí ó mọ ìdí lè bá ìwé jiyàn. Ọmọ tí ó mọ lẹ́tà nìkan yóò tẹ̀lé ìwé ṣìnà.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé ìdánwò WAEC ní apá kejì, níbi tí kò sí ìdáhùn mẹ́rin nísàlẹ̀ ìbéèrè. Níbẹ̀, kò sí ohun tí ọmọ yóò yọ, ohun tí ó mọ̀ ni yóò kọ. Ọmọ tí a kọ́ láti sọ ìdí tí 56 kò fi lè jẹ́ ìdáhùn lè kọ ọ́ sílẹ̀ nínú apá náà pẹ̀lú. Ọmọ tí ó há lẹ́tà sórí yóò jókòó, yóò máa wo ìwé funfun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú sọ, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n wà. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n pín: wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń pín ìwé ìbéèrè àtijọ́ ní Ìtòrì lónìí ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìdajì. Kí ó yọ díẹ̀ kúrò nínú owó ìtẹ̀wé àti ti àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó fi san owó wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́ fún olùkọ́ Ìṣirò kan, ti Kẹ́mísírì kan àti ti èdè Gẹ̀ẹ́sì kan, kí wọ́n máa fi ìbéèrè mẹ́wàá péré jókòó ti àwọn ọmọ, títí wọn yóò fi mọ bàbá gbogbo ìdáhùn ẹ̀tàn tí ó wà lábẹ́ wọn. Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, bí ọmọ yín bá ní òun ti ka ìwé ìbéèrè àtijọ́ tán, ẹ ṣí i sí ojú ìwé kan, ẹ nawọ́ sí ìdáhùn tí kò fàlà sí, kí ẹ sì bi í pé: "Èyí ńkọ́, kí ni ó ṣe é?" Bí kò bá lè fèsì, kò tíì kà á. Ìbéèrè yìí kò gba kí ẹ mọ ìwé kí ẹ tó lè béèrè rẹ̀, nítorí òun náà ni ẹ máa ń bi í nígbà tí ẹ bá rán an ní iṣu.